Ọ̀pá Tí A Gé Nídìí Ń Parọ́ Mọ́ Èdè Wa

Ní ẹ̀ka wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá bá ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè, àtẹ ọ̀pá kì í wọ́n níbẹ̀. Mo ti ka púpọ̀ lọ́dún yìí, nítorí pé Ìlàjẹ lèmi náà ń ṣe. Èrò mi ni pé àwọn kan nínú àtẹ wa ń túfọ̀ èdè tó ṣì wà láàyè.

Ẹ wo ìró "gh" tí a máa ń pè ní Ìlàjẹ níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń pe "w". Ká ní nínú ìgbà 100 tí ìró náà lè jẹyọ, àwọn àgbà pè é nígbà 92, àwọn ọ̀dọ́ pè é nígbà 84. Bí ẹ bá kó o sínú Excel, òun fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìlà òòró láti 80, torí pé àwọn iye náà súnmọ́ra. Ọ̀pá àwọn àgbà á wá ga ní ìwọ̀n 12, tàwọn ọ̀dọ́ ní 4. Lójú òǹkàwé, ìlọ́po mẹ́ta ni tàgbà! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, díẹ̀ báyìí ni tọ̀dọ́ fi kéré. Gígùn ọ̀pá lojú ń wọ̀n. Ẹni tó gé ìdí rẹ̀ ti yí iye padà. Ẹ tẹ ìlà òòró lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá `Minimum` lábẹ́ `Format Axis`, kí ẹ kọ 0 síbẹ̀.

Àtẹ onílà yàtọ̀. Ká ní à ń ṣàfihàn bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947. Ìlà òòró kò pọn dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo níbẹ̀, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣáà hàn, nítorí pé bí ìlà ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ là ń wò. Àlàfo ọdún ni irọ́ ń gbà wọlé. Bí a bá wọn ilẹ̀ ní 2000, 2010 àti 2012, tí a wá fi àlàfo kan náà sáàárín wọn, ohun tó gba ọdún mẹ́wàá á dà bí ohun tó gba ọdún méjì.

Ó ku orúkọ. A máa ń fi àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ya ìlà, a ó wá kó ìtumọ̀ wọn sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ oní-fọ́tókọ́pì, gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ eérú. William Playfair, tó tẹ àtẹ irú èyí jáde ní 1786, orí ìlà gan-an ló kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ kọ "àgbà" sídìí ọ̀pá àgbà, ẹ kọ 92 sórí rẹ̀, kí ẹ sì fi iye ènìyàn tí ẹ gbọ́ lẹ́nu wọn kún un. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn márùn-ún péré, òdo tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ kò lè sọ ọ́ di ẹ̀rí nípa gbogbo ọ̀dọ́ Ìlàjẹ.

Òkun ń gba ilé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Kò yẹ kí àtẹ wa tún máa gba èdè tó ṣì wà lẹ́nu wọn.