Ẹ̀jẹ̀ Pé, Ṣùgbọ́n Abà Ti Ṣófo

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn máa ń sáré ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì. Kìlómítà 5 ni ó máa ń sá kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró mí ní ìdajì ọ̀nà. Ó ń sùn, àárẹ̀ kò lọ. Òkè tí ó ti ń gùn láìsí wàhálà wá di ogun. Ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ní pí-sí-fí rẹ̀ jẹ́ 36, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, kí ó lọ sinmi. Ìyá rẹ̀ ní kí ó máa mu máàtì pẹ̀lú mílíìkì. Ó sinmi, ó sì mu ún, síbẹ̀ kò sí àyípadà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í ni bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń rí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó fi ń ṣe é. Ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, wákàtí méjì kì í pé kí ó tó pààrọ̀ páàdì, ẹ̀jẹ̀ dídì a sì máa jáde. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo obìnrin rí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá rẹ̀ náà rí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì mìlígíráàmù irin ni ó wà nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Obìnrin tí ó bá pàdánù mìlílítà 80 lóṣù, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ṣíbí ìjẹun ńlá márùn-ún, ti pàdánù mìlígíráàmù 40 irin. Bẹ́ẹ̀ sì ni mìlígíráàmù kan sí méjì péré ni ara sábà máa ń rí fà nínú oúnjẹ lójúmọ́. Eré sísá tún dá kún un: ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn eré líle, ẹ̀dọ̀ a máa tú èròjà kan tí à ń pè ní hẹpusídíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń ti ìlẹ̀kùn ìfun mọ́ irin.

Báwo wá ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe pé? Iṣu tí ó wà nínú ìkòkò ni pí-sí-fí ń wò. Kò wo èyí tí ó kù ní abà. Bí irin bá ń dín kù, ara a kọ́kọ́ kó ti abà jẹ kí ti ìkòkò má baà tán. Àyẹ̀wò tí ó ń wo abà ni fẹ́rítínì. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣe é, 8 ni wọ́n bá. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ 15 nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ yá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí pé irin ti tán ní abà. Ọ̀pọ̀ dókítà a sì máa fura láti 30 wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà tí ibà bá ń ṣe wá, nítorí àìsàn a máa gbé fẹ́rítínì sókè lọ́nà ẹ̀tàn.

Dókítà fún un ní oògùn irin onímìlígíráàmù 200, èyí tí 65 nínú rẹ̀ jẹ́ irin gan-an. Hóró kan ni, kì í ṣe lójoojúmọ́: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, ní àárọ̀, pẹ̀lú omi ọsàn, kí ó tó jẹun. Oògùn náà fúnra rẹ̀ a máa ru hẹpusídíìnì sókè, nítorí náà ni ó ṣe dára láti fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín. Tíì, kọfí àti mílíìkì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó wákàtí méjì, nítorí wọ́n ń dí irin lọ́wọ́. Èyí ni àṣìṣe tí ó wà nínú máàtì oní-mílíìkì. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, oògùn náà ni. Ní ti oúnjẹ, irin inú ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja rọrùn fún ara láti fà ju ti ẹ̀fọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pọn omi sínú agbè jíjò gbọ́dọ̀ dí ojú ihò. Àwòrán inú fi hàn pé ìju wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ń dín ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, fẹ́rítínì rẹ̀ di 34, ó sì tún ń gun òkè náà láìdúró.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí ra oògùn irin láìṣe àyẹ̀wò. Irin tí ó bá pọ̀ jù a máa ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́, pàápàá lára ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù yín bá ń ju ọjọ́ méje lọ, tàbí tí ẹ ń pààrọ̀ páàdì kí wákàtí méjì tó pé, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó bi yín, kí ẹ sì béèrè fún fẹ́rítínì.