Ewúrẹ́ wà, ewé wà: ta ló ni ilẹ̀ tí a máa gbin igi náà sí?

Tí wọ́n bá dárúkọ Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn ni bítúmẹ̀nì, ọ̀dà dúdú tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ṣì ń retí rẹ̀. Èmi ò bá ti bítúmẹ̀nì wá lónìí o. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo bá wá, torí òun làwọn èèyàn máa ń fà tà nígbà tí owó ilé ìwé bá dé tí kò sí nǹkan nílé.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, olóògbé Gómìnà Rotimi Akeredolu fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran jẹ̀ kiri mọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ náà dá ilé iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Gbogbo ariwo tí a pa lórí ọ̀rọ̀ yìí, ariwo màlúù ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà ńbẹ̀ kan ìyá tó ní ewúrẹ́ márùn-ún lẹ́yìnkùlé: tí ẹran kò bá rìn lọ bá oúnjẹ mọ́, ta ló máa gbé oúnjẹ wá bá a, kí sì ni oúnjẹ náà?

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni èèpo gbágùúdá tí a sá gbẹ, àti koríko. Ẹran á jẹ ẹ́, inú rẹ̀ á kún, kò sì ní sanra. Ìdí rẹ̀ kò le. Èèpo ń fún ẹran lágbára, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kéré: nínú gíráàmù 100 èèpo tó ti gbẹ, kò ju bíi gíráàmù 5 lọ. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń bá ewúrẹ́ lọ oúnjẹ nínú àpòlúkù rẹ̀ náà fẹ́ jẹun. Tí amúaradàgbà bá ti dín ní bíi 7 nínú 100, iṣẹ́ wọn á falẹ̀, oúnjẹ á pẹ́ nínú, ẹran á sì dín jíjẹ kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ewúrẹ́ ìbílẹ̀ wa tó wọn kílò 20 máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 700 lójúmọ́, tí a bá yọ omi inú oúnjẹ náà kúrò. Tó bá jẹ́ èèpo nìkan ló jẹ, gíráàmù 35 amúaradàgbà ló rí. Ó sì nílò bíi 49 kó tó dé ibi 7 nínú 100 yẹn. Ní báyìí, ẹ mú gíráàmù 200 èèpo kúrò, kí ẹ fi gíráàmù 200 ewé igi tí mo fẹ́ sọ yìí dípò rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 ewé náà, amúaradàgbà máa ń tó 20 sí 25. Àpapọ̀ tí ewúrẹ́ náà máa rí á wá sún mọ́ gíráàmù 70, ìyẹn bíi 10 nínú 100. Kúlíkúlí àti sóyà náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà. Ewé yìí, ọ̀bẹ àti ẹsẹ̀ lásán ló ń ná èèyàn.

Igi wo ni? Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lágbàáyé ni lùsínà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ B. T. Kang ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní ìlà-ìlà, kí àgbàdo wà láàrin ìlà méjì, kí wọ́n sì máa gé ewé rẹ̀ sílẹ̀ bí ajílẹ̀. Ilé ìwádìí míì tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Áfíríkà, ILCA, tóun náà ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn, wá sọ pé kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ewé yẹn fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n gbé e lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní abúlé bíi Owu-Ile àti Iwo-Ate lápá Ọ̀yọ́. Igi méjì ni wọ́n gbé lọ: lùsínà, àti èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní àgúnmániyè.

Lùsínà dára, ṣùgbọ́n ó ní oró kan nínú tó ń jẹ́ mímósììnì. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, irun rẹ̀ á máa re, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, oúnjẹ kò ní wù ú mọ́, ọfun rẹ̀ lè wú bíi gẹ̀gẹ̀, ọmọ tó bá bí náà lè ya aláìlera. Ehoro àti ẹlẹ́dẹ̀ ni kò tiẹ̀ yẹ kó rí i rárá. Ní Ọsirélíà, tí wọ́n ti ń fi lùsínà bọ́ màlúù, ìyà yìí jẹ wọ́n gan-an. Onímọ̀ wọn kan, Raymond Jones, wá kíyè sí i pé ewúrẹ́ erékùṣù Hawáì ń jẹ ẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Kòkòrò kan ló wà nínú àpòlúkù wọn tó ń fọ́ oró náà túútúú. Wọ́n gbé kòkòrò ọ̀hún dé Ọsirélíà, wọ́n sì fi orúkọ Jones sọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá ewúrẹ́ òun ní kòkòrò náà nínú, kó má jẹ́ kí lùsínà ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ ẹran lọ. Gíráàmù 200 nínú 700 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan kò kọjá ibẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n má sọ pé kí Agbabu sáré lọ gbin lùsínà ni ilẹ̀. Lùsínà kò fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan, ìyẹn ilẹ̀ tí òjò ti fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. IITA gbìn ín wò ní Onne, nítòsí Port Harcourt, níbi tí òjò ti pọ̀ tí ilẹ̀ sì kan, kò ṣe dáadáa. Apá gúúsù Oǹdó náà kì í ṣe ibi tí òjò ń ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá gbin lùsínà, tó dúró ní ìwọ̀n orúnkún fún oṣù mẹ́fà, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ilẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn. Àgúnmániyè ló máa ń fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Òun náà ni wọ́n ń lò fún ibòji nínú oko kòkó, tí wọ́n sì fi ń ṣe ọgbà.

Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín kò ṣòro. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó, tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, kó gùn tó mítà kan àtààbọ̀, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ ní ìwọ̀n gígùn àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ewé rẹ̀ kó tó pé bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gé e níbi ìbàdí, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí ẹnikẹ́ni kò gé kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀ máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó lè tanná, ìyẹn àsìkò tí ẹran nílò ewé jù. Torí náà, ẹ gé e ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, kí ewé tuntun lè bá ẹ̀ẹ̀rùn wọlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa àgúnmániyè tì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ewúrẹ́ á gbóòórùn rẹ̀, á sì yíjú kúrò. Ẹ gé ewé náà lálẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ di àárọ̀ kó rọ, kí ẹ pò ó mọ́ èèpo, kí ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀, láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọn á mọ̀ ọ́n jẹ. Ewé tútù gíráàmù 800 ló máa ń dá gíráàmù 200 nígbà tó bá gbẹ, nítorí náà ewúrẹ́ márùn-ún á jẹ kílò 4 ewé tútù lójúmọ́. Ká ní igi kan ń fún yín ní kílò 1 nígbà tí ẹ bá gé e, tí ẹ sì ń padà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, igi 224 lẹ máa nílò. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Tí ẹ bá gbìn wọ́n ní ààbọ̀ mítà síra, bíi mítà 112 ni gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àyíká pulọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ọgbà tó yí ilé ká ti tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí gan-an nìyí. Ta ló ni àyíká pulọ́ọ̀tì yẹn? Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ ti ń sọ pé ilẹ̀ náà kàn mí. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbin igi, ẹ ó rí i bí àwọn onílẹ̀ ṣe máa kó ẹbí jọ. Lágbègbè Ore àti Odigbo, ọ̀pọ̀ tó ń dáko kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ wà, ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin. Ẹni tó nílò ewé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí igi, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí igi kò ní ẹran. Àwọn olùwádìí ILCA náà bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí pàdé nígbà yẹn. Mo gbà pé ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ju àwọn abúlé díẹ̀ lọ.

Ìjọba tó ṣòfin pé kí ẹran má jẹ̀ kiri ló yẹ kó tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, kò sì ní ná an ní bílíọ̀nù. Ìwé àdéhùn ojú ewé kan péré ni, tí baálẹ̀ máa jẹ́rìí sí, tó máa sọ pé igi oúnjẹ ẹran kì í ṣe igi owó, pé gbígbìn rẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀, àti pé ẹni tó gbìn ín lè gé ewé rẹ̀ títí àdéhùn fi máa parí. Kí àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ dání pẹ̀lú ẹ̀ka igi nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí abúlé. Láìsí ìyẹn, ẹni tó ní ewúrẹ́ á so ó mọ́lẹ̀ nítorí òfin, á sì máa fi èèpo lásán bọ́ ọ, títí tó fi máa rù dé ọjà.