Ẹ Sọ Pẹ́pẹ́yẹ Yẹn ní Dòdò

Ẹ̀yin tó ń kọ ìwé alàwòrán fún ọmọ ọdún méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ olú ẹ̀dá ìtàn yín ní Olúwadámiláre mọ́. Mi ò sọ pé orúkọ náà ò dáa o. Orúkọ ńlá ni, àmọ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ṣe é fún: àgbàlagbà ló ń sọ ọ́, àgbàlagbà ló ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Sílébù méje ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí a sì fẹ́ kó máa pè é kò tíì lè to sílébù mẹ́ta pọ̀ dáadáa kí ọ̀kan má já bọ́. Orúkọ inú ìwé ọmọdé ní iṣẹ́ méjì: kí ọmọ lè pè é láìsí wàhálà, kí ó sì pa á lẹ́rìn-ín. A máa ń rò pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì, pé tí orúkọ bá ti rọrùn, ẹ̀rín á tẹ̀ lé e. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹnu ọmọ náà. Láti bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ìkókó ti máa ń ṣe “bababa” àti “mamama”. Peter MacNeilage, onímọ̀ èdè kan, ṣàlàyé pé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bíi ti ẹni tó ń jẹun, ahọ́n kàn dùbúlẹ̀ sínú ẹnu ni. Tí ètè bá pàdé nígbà tí àgbọ̀n gòkè, a gbọ́ b tàbí m. Tí àgbọ̀n bá sọ̀ kalẹ̀, a gbọ́ fáwẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń tún sílébù kan náà pè: kò tíì lè yí ahọ́n padà láàárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn b àti m, àwọn bíi d, t, n, w àti y kì í pẹ́ dé. R, s, ṣ àti j máa ń gba sùúrù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún méjì àti oṣù méjì, “Yónkẹ́” ló ṣì ń pe Rónkẹ́.

Ẹ wá kíyè sí p tiwa. Ẹ sọ “apá” díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fọkàn sí ẹ̀yìn ahọ́n yín. Ṣé ẹ rí i pé ètè pàdé, tí ẹ̀yìn ahọ́n náà sì kan òkè ẹnu, tí àwọn méjèèjì sì tú sílẹ̀ pọ̀? Iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. P ti Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀, ètè nìkan ló ń lò. Gb náà dà bíi p tiwa, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń fi b rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo lẹ́tà p tó ní “p rọrùn fún ọmọdé”, kò gbọ́ ohun tí ẹnu ń ṣe.

Àpètúnpè ń ran etí lọ́wọ́ bó ṣe ń ran ẹnu lọ́wọ́. Ní 2008, Judit Gervain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wò bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ọpọlọ wọn ta kìjí sí irú “mubaba” ju irú “mubage” lọ. Ní 2016, Mitsuhiko Ota àti Barbora Skarabela ní Yunifásítì Edinburgh rí i pé ọmọ oṣù méjìdínlógún tètè ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun tí sílébù rẹ̀ jẹ́ àpètúnpè. Nítorí náà, orúkọ tó rọ ẹnu ọmọ lọ́rùn máa jẹ́ sílébù méjì, kí sílébù náà bára wọn mu, kí kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ wà lára àwọn tó tètè ń dé.

Ẹni tó mọ ọgbọ́n yìí lò ni Dick Bruna, ará Nẹ́dálándì. Ní 1955 ló gbé ehoro kékeré kan jáde. “Konijntje” ni wọ́n ń pe ehoro kékeré lédè wọn, sílébù mẹ́ta. Bruna gé ti àkọ́kọ́ dànù, bí ọmọ kékeré ṣe máa ń gé e, ó sì sọ ọ́ ní Nijntje. Nígbà tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò fi Nijntje há ọmọ wọn lẹ́nu. Miffy ni wọ́n pè é: sílébù méjì, m níwájú.

Ó yá, ká ṣe tiwa. Ká ní ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan ni olú ẹ̀dá ìtàn wa, àwọ̀ yẹ́lò, ikùn rẹ̀ rí roboto, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta la sì ń kọ ọ́ fún.

Rógódó ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ó dùn, ó sì bá àwòrán mu, torí pé ohùn òkè inú rẹ̀ ló ń sọ fún wa pé nǹkan náà kéré. Tí a bá sọ gbogbo ohùn náà di ìsàlẹ̀, tó di rògòdò, nǹkan náà ti tóbi nìyẹn. Àmọ́ r ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, g wà láàárín, sílébù rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta. Àgbàlagbà ló máa gbádùn rẹ̀.

Mẹ́ẹ̀lì ló wá kàn, irú orúkọ tí kò nítumọ̀ rárá. Lédè wa, iṣẹ́ ńlá ni láti rí sílébù méjì tí kò nítumọ̀, torí ohùn. Tẹ̀tẹ̀ ni ẹ̀fọ́, tẹ́tẹ́ ni ọmọ ọdún kan ń rìn, tẹ́tẹ́ náà ni àwọn kan ń ta ní ṣọ́ọ̀bù. Bobo ńkọ́? Ẹ yọ b àkọ́kọ́ kúrò bí ọmọ ṣe lè yọ ọ́, kí ẹ sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà ti mọ ọ̀rọ̀ tó ń dúró síbẹ̀. Kò sí ìyá tó fẹ́ kí ọmọ òun pariwo ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Torí náà, kí ẹ tó gba orúkọ kankan wọlé, ẹ yọ kọ́ńsónáǹtì iwájú rẹ̀, ẹ wo ohun tó kù.

Dòdò ni mo yàn. D wà lára àwọn tó tètè ń dé, sílébù méjì ni, ó jẹ́ àpètúnpè, ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọmọ bá já d àkọ́kọ́, ohun tó sún mọ́ odò ló kù, ibẹ̀ náà sì ni pẹ́pẹ́yẹ ń gbé. (Lóòótọ́, ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní dodo ní erékùṣù Mọ́ríṣọ́ọ̀sì, ó sì ti run kí ọdún 1700 tó dé. Bàbá tó bá mọ̀ ọ́n á rí nǹkan sọ.) Ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì wúwo ju ara ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lọ, ìyẹn gan-an sì dùn mọ́ mi.

Ẹ máa bi mí pé, ṣé ọmọ ò ní rò pé oúnjẹ là ń sọ? Ó máa rò ó. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá. Paul McGhee, tó kọ ìwé lórí àwàdà ọmọdé ní 1979, sọ pé ọmọ tó lé díẹ̀ lọ́dún kan máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá lo nǹkan sódì, bí ẹni fi bàtà ṣe fóònù. Tó bá tó bí ọdún méjì, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ tí wọ́n pè sódì. Ó ti mọ̀ pé gbogbo nǹkan ló ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn láti rí i pé ẹnì kan ṣi í. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹ́ Dòdò ti fi àwàdà yẹn sí iwájú ìwé kó tó ṣí i.

Àmọ́ iye owó rẹ̀ rèé. Daniel Swingley àti Richard Aslin fi hàn ní 2007 pé ó máa ń ṣòro fún ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ láti kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun tó bá jọ èyí tó ti mọ̀ gan-an. Dòdò wa kò kàn jọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀, òun gan-an ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè wo pẹ́pẹ́yẹ náà kó máa wá àwo. Ohun tó ń pa ọmọ ọdún méjì àtààbọ̀ lẹ́rìn-ín ló ń dí ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ lọ́nà. Fún àwọn kékeré yẹn, èmi á sọ pẹ́pẹ́yẹ náà ní Mìmí, màá sì gbàgbé ẹ̀rín orúkọ. Àwòrán á wá ẹ̀rín tirẹ̀.

Fún àwọn àgbà díẹ̀, ibi tí Dòdò bá jókòó sí lójú ìwé ṣe pàtàkì. Mi ò ní jẹ́ kó wà láàárín gbólóhùn. Ewúrẹ́ ní, “Àkàrà, ṣé o fẹ́ wẹ̀?” Pẹ́pẹ́yẹ ní, “Èmi kọ́ ni Àkàrà. Èmi ni…” Ẹni tó ń kàwé dákẹ́, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ikùn, kó tó ṣí ewé tó kàn. Dòdò nìkan ló wà níbẹ̀, gàdàgbà. Àgbò pè é ní Ẹ̀bà, àkùkọ pè é ní Gúgúrú, ìdáhùn ò yí padà. Nígbà kẹta, ọmọ ló máa sọ ọ́ kí ẹ tó ṣí ewé.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ kà á fún ọmọ lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì sọ pé “ó yá, sọ Dòdò” o, torí ọmọ tí wọ́n pàṣẹ fún á sín wa jẹ lásán. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Tó bá yí kọ́ńsónáǹtì padà àmọ́ tí ohùn àti iye sílébù pé, orúkọ náà ti yege. Tó bá ń pe ẹ̀dá náà ní “pẹ́pẹ́” títí di ọjọ́ kẹta, orúkọ náà ò wọlé. Ẹ̀rín ni ká ṣọ́ra fún jù, torí ojú tí ẹ̀ ń ṣe lè jẹ́ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kà á, ẹ má ṣe ojú kankan. Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ̀rín wà gan-an, ẹ wá ọmọ kejì jókòó tì í, torí ọmọdé méjì tó jókòó pọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ju ọ̀kan tó dá wà lọ. Tí méjèèjì bá dákẹ́ nígbà tí Gúgúrú dé, ẹ pààrọ̀ Gúgúrú. Ẹ fi Dòdò sílẹ̀.