Ẹyin Dúdú Lórí Ewé Tòmátì: Dúró Ná Kó O Tó Fín Oògùn

Tí àgbẹ̀ bá rí ihò lára tòmátì, oògùn ló máa sáré lọ rà. Ó ti pẹ́ jù! Oògùn kì í bá ìdin tó ti wọ inú èso. Ẹyin ló yẹ kó wá.

Ní Kalifóníà, àwọn tó ń gbin tòmátì alágolo máa ń yẹ ewé 30 wò káàkiri oko, èyí tó wà lábẹ́ òdòdó tó ga jù lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ẹyin tí afòpiná ṣẹ̀ṣẹ̀ yé máa ń funfun. Èyí tó bá dúdú, agbọ́n tíntín tí wọ́n ń pè ní Tirikogírámà ti yé tiẹ̀ sínú rẹ̀. Agbọ́n ló máa jáde níbẹ̀, kì í ṣe ìdin.

Ká ní o rí ẹyin 10, tí 8 sì dúdú: 2 péré ló kù tó lè ṣe ọṣẹ́. Tó o bá fín oògùn líle, agbọ́n ló máa kú, afòpiná á sì tún padà wá yé. Dúró, kó o tún kà á lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ 8 ló funfun, wá oògùn tí wọ́n fi bakitéríà ṣe, kó o fín in nígbà tí ìdin ṣì kéré.

Ẹni tó ń ta tòmátì tútù lọ́jà kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀ o: ihò kan ti tó lé oníbàárà lọ.