Ẹni tó gbowó aṣọ òkè, kì í ṣe Ìyá Tóbi

Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí Instagram. Lọ́jọ́ Sátidé kan, obìnrin kan já wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tóbi, n'Íbàdàn, ó lóun wá gba aṣọ òkè tóun ti sanwó ẹ̀. Náírà 85,000! Ó na fóònù ẹ̀ síta. Lóòótọ́, àwòrán Ìyá Tóbi ló wà níbẹ̀, aṣọ ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí akáńtì báńkì yẹn, Ìyá Tóbi ò gbọ́ ọ rí.

Ó wá ojú ìwé ọ̀hún lórí fóònù tiẹ̀ títí, kò rí i. Àṣé gbájúẹ̀ yẹn ti búlọ́ọ̀kù ẹ̀! Fóònù Tóbi ló ti wá hàn. Orúkọ méjèèjì jọra bí ìbejì, àfi pé ìlà kékeré kan (_) ló wà láàrin ti Ìyá Tóbi, méjì ló so pọ̀ nínú ti olè. Tóbi tẹ orúkọ náà, ó ṣí About this account. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ó sì ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ti Ìyá Tóbi ti wà láti 2019. Ẹ má wo iye èrò tó ń tẹ̀ lé èèyàn o, wọ́n ń fowó ra ìyẹn; olè yẹn ní 12,000, Ìyá Tóbi tó ń ta ojúlówó ní 9,000.

Báwo ni olè ṣe rí oníbàárà mú? Ìyá Tóbi kì í kọ iye ọjà ẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé "Èló ni?", á ní kó wá bá òun ní kọ̀rọ̀. Kó tó jí láàárọ̀, gbájúẹ̀ ti dá onítọ̀hún lóhùn. Mo bá a wí gan-an lórí ìyẹn. Ó ti ń kọ iye sábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan báyìí, ó sì kọ orúkọ akáńtì báńkì kan ṣoṣo tó ń lò, ó gbé e sókè ojú ìwé ẹ̀.

Lórí fóònù Tóbi, wọ́n tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè ojú ìwé olè náà, wọ́n mú Report, wọ́n ní ó ń fi ara ẹ̀ pe ẹlòmíì. Ẹjọ́ tí ẹni tọ́rọ̀ kàn fúnra ẹ̀ bá rò ló lágbára jù, nítorí wọ́n lè ní kó fi káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ hàn. Ní ti àwọn tó ń lẹ nọ́ńbà WhatsApp mọ́ abẹ́ àwòrán, Tóbi lọ sí Hidden Words, ó kọ "whatsapp" àti àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò síbẹ̀. Kò mú gbogbo wọn o, torí wọ́n tún ń kọ ọ́ ní "whatsap".

Wọ́n ti ojú ìwé yẹn pa. Lọ́jọ́ kẹfà, òmíràn ṣí.

Owó ńkọ́? Obìnrin yẹn ò lọ sí báńkì ẹ̀ lọ́jọ́ tó sanwó, torí kò mọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó lọ, akáńtì ọ̀hún ti gbẹ. Ìyá Tóbi ta aṣọ òkè fún un ní ìdajì iye ẹ̀. Ó ní òun ò lè jẹ́ kó máa sọ káàkiri ìlú pé òun ló jẹ owó òun.