Gẹ̀ẹ́sì Tí Yorùbá Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Bí olùkọ́ bá fi bíírò pupa yí gbólóhùn kan po nínú iṣẹ́ wa, tó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì wa kò dára, kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ gbólóhùn náà mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti parí gbólóhùn náà ní Yorùbá kó tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ti Yorùbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ti di ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Yorùbá. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí Yorùbá rẹ̀ ń ṣe kò lè rí irú àṣìṣe yìí, bó ti wù kó ka ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tó.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtokú, níbí ní Abẹ́òkúta. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀, ó wá fẹ́ kọ ìjábọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyí:

Ìyá aláró tí mo bá ní Ìtokú, ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ọ̀pá gbé aṣọ jáde nínú aró, wọ́n gbé e lọ sá sínú oòrùn. Mo gbọ́ òórùn aró náà. Ojú ń tì mí láti béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Yorùbá tó já gaara ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn yín ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo ìkankan, ẹ má sì yí ipò ìkankan padà. Ohun tí ẹ máa gbọ́ lọ́kàn yín yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nínú "ojú ń tì mí", ta ni olùwà? Ojú ni. Èmi tí ìtìjú ń bá, àbọ̀ lásán ni mo jẹ́. Bí Yorùbá ṣe máa ń to ọ̀rọ̀ ara àti ọkàn nìyẹn: ebi ń pa mí, òtútù ń mú mi, oorun ń kùn mí. Ohun náà ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn ló ń gba iṣẹ́ náà sára. Gẹ̀ẹ́sì kì í tò ó bẹ́ẹ̀. Èèyàn fúnra rẹ̀ ni olùwà, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan sọ irú ipò tó wà. Ẹni tó bá túmọ̀ tààrà á wá kọ ọ́ pé ìtìjú ń mú òun, bí ẹni pé ọlọ́pàá ni ìtìjú.

Ní ọjà, ẹ̀rín lásán ni èyí máa dá sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tó sọ pé "àyà mi já" ń sọ pé ẹ̀rù ba òun lójijì. Bí ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ àyà ni dókítà máa gbọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn ọkàn lára ẹni tí ẹ̀rù kàn bà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà lò tọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìròyìn tó fún dókítà kò tọ̀nà.

Gbólóhùn tó ṣáájú ìyẹn ni "mo gbọ́ òórùn aró". Iṣẹ́ "gbọ́" pọ̀ ní Yorùbá. A ń gbọ́ ìlù, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè, nígbà tí a bá ní ẹnì kan gbọ́ Faransé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé òun ni "gbọ́" kò kọjá ohùn tó wọ etí. Imú ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀. Èdè náà ní tirẹ̀, nítorí pé ohun tí à ń sọ ni pé èdè náà yé ẹni náà tàbí pé ó lè sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kan bá ti fẹ̀ báyìí, ẹ má fún un ní ẹnì kejì kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì.

Gbólóhùn kejì ni mo kà sí èyí tó le jù láti rí. Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀: fi, gbé, jáde, gbé, lọ, sá. Mẹ́fà ni. Yorùbá máa ń sín ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan á máa sọ ìpele kan nínú iṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì á pín iṣẹ́ wọn fún oríṣi ọ̀rọ̀ mìíràn. "Fi" tó tọ́ka sí irinṣẹ́ á di ọ̀rọ̀-atọ́kùn kékeré kan níwájú ọ̀pá. "Jáde" náà á di ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tọ́ka sí ibi tí aṣọ ń lọ. "Gbé lọ sá" á di ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Nígbà tí a bá parí, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì péré ló kù: ọ̀kan fún yíyọ aṣọ kúrò nínú aró, ọ̀kan fún sísá a. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ, gbólóhùn rẹ̀ á máa já gátagàta. Òǹkàwé á rò pé iṣẹ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyá náà ṣe.

Ó ku gbólóhùn àkọ́kọ́. Yorùbá gbé ìyá aláró síwájú kí a lè mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tún fi "ni" tẹnu mọ́ ọdún méjì, kó tó wá sọ ohun tí ìyá náà ṣe. Bí a bá kó ètò yìí lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìyá á di olùwà, "wọ́n" náà á di olùwà, gbólóhùn á sì ní orí méjì. "Fi" tún wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ di "lò", bí ẹni pé ọdún jẹ́ irinṣẹ́. Èyí tó burú jù ni "wọ́n". Ọ̀wọ̀ ni a fi sọ ọ́, nítorí pé ìyá àgbà ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀wọ̀ yẹn nínú arọ́pò orúkọ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ka ìjábọ̀ náà á rò pé aláró pọ̀ ní ìsọ̀ yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá pe aláró ní "ìyá" ní Gẹ̀ẹ́sì, òǹkàwé á fẹ́ mọ ọmọ tó bí. Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá to ètò tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́, báyìí ló máa rí: obìnrin aláró kan ní Ìtokú kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún méjì. Olùwà kan, ọ̀rọ̀-ìṣe kan, àkókò sì wà lẹ́yìn.

Báwo wá ni èèyàn ṣe lè rí i nínú iṣẹ́ ara rẹ̀? Mo gbà pé ìbéèrè mẹ́ta tó. Ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá tó wà lọ́kàn yín sí abẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé wọn. Ṣé ọ̀rọ̀ kìíní bá ọ̀rọ̀ kìíní mu, tí ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, láìsí èyí tó ṣẹ́kù? Ẹ fura. Èkejì, ta ni olùwà? Bí ó bá jẹ́ ojú, inú, orí, ebi tàbí oorun, ẹ wá èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ gbé e síwájú. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀-ìṣe mélòó ló wà níbẹ̀? Bí mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ wá èyí tó yẹ kó di ọ̀rọ̀-atọ́kùn tàbí èyí tó yẹ kó lọ pátápátá.

Ìfura nìkan ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ń fún wa, kì í ṣe ìdájọ́. "Mo rí Adé" máa ń bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìsí wàhálà, bí a bá ti fi àmì àkókò tó ti kọjá sára ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ ka iṣẹ́ náà sí etí ọ̀rẹ́ kan tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, kí ẹ ní kó sọ ohun tó rí lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín, nítorí pé òun náà á gbọ́ Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì yé e.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí nípa Ámósì Tutùọlá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mu ẹmu, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, kún fún Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀, ayé sì gbà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ni Tutùọlá ń pa. Òǹkàwé rẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohùn apàlọ́ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń ka ìjábọ̀ tàbí lẹ́tà ìwáṣẹ́ kò wá ohùn, ìròyìn ló ń wá. Bákan náà, Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń sọ "pẹ̀lẹ́" fún ẹni tó kọsẹ̀ kò ní ìṣòro láàárín wa ní Nàìjíríà. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹni tó kọsẹ̀ ti lè dáhùn pé kì í ṣe ìwọ lo ti òun.

Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi owó ìtanràn lé Yorùbá jáde nínú kíláàsì nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá náà kò lọ; ó kàn wọ abẹ́ gbólóhùn lọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i ni. Ní Abẹ́òkúta yìí ni Ìwé Ìròhìn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1859, Yorùbá ló sì kọ́kọ́ fi jáde kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀ ní 1860. Ìlú tó ti tẹ èdè méjèèjì pọ̀ láti ìgbà náà kò yẹ kó máa fi ọ̀kan pa mọ́ nínú kíláàsì. Kí olùkọ́ tó fa ìlà pupa, kó kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí lo sọ ní Yorùbá?