Ewédú Inú Rọ́bà ní Bruma

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ń gbé ní Bruma, ní Johannesburg, tí kọnkéré gba gbogbo ẹ̀yìn ilé yín, ọ̀rọ̀ tiyín la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20 tó gbin ewédú. Ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kì í ṣe àìsí ilẹ̀, àkókò ni.

Nílé, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin la máa ń da èso ewédú sílẹ̀. Ẹni tó bá mú àṣà yẹn dé Johannesburg, òtútù ló gbìn ín fún. Níbẹ̀, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni òtútù máa ń mú jù, ìrì a sì máa dì lórí ewé láàárọ̀. Ewédú kò lè fara da ìyẹn. Oṣù kẹwàá ni òjò máa ń dé, ṣùgbọ́n òru ṣì máa ń tutù, nítorí náà ẹ dúró di ìparí oṣù náà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá.

Ìdí kejì ni pé ewédú máa ń tẹ̀ lé gígùn ojúmọmọ. Bí ojúmọmọ bá gùn, ewé ni yóò máa yọ. Bó bá kúrú sí nǹkan bíi wákàtí 12, òdòdó àti èso ni yóò gbájú mọ́. Ní oṣù kejìlá, ojúmọmọ Johannesburg súnmọ́ wákàtí 14, ó sì ń padà sí 12 nínú oṣù kẹta. Ẹ má gbin òmíràn lẹ́yìn ìparí oṣù kìn-ín-ní.

Ní ti èso, ẹ má kó o láti Nàìjíríà sínú báàgì, torí èso tó bá máa wọ Gúúsù Áfíríkà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ wá a lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Àwọn Venda ní Limpopo ní ewédú tiwọn àti àwọn ìbátan rẹ̀, delele ni wọ́n ń pè é, ọbẹ̀ tó ń yọ̀ ni wọ́n sì ń fi sè.

Èpo èso ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ di èso náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení, èjì títí dé 10, kí ẹ sì gbé e sínú omi tútù kíákíá. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jinná. Ẹ kọ́kọ́ fi 20 èso dánwò lórí bébà tó tutù. Bí ìdajì wọn kò bá hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá èso mìíràn.

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà sí ìdí rọ́bà náà, kí ẹ gbé e lórí bíríkì kí omi lè rí ibi jò sí. Ẹ po erùpẹ̀ ọ̀nà méjì mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ọ̀nà kan. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Àpò ìrẹsì náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè gbẹ, oòrùn a sì máa gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ẹ gbé rọ́bà sí iwájú ògiri tó kọjú sí àríwá, torí apá ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà kọjá ní Johannesburg fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù ilé máa ń wà lábẹ́ òjìji. Bí ojú ọ̀run bá ṣú lọ́sàn-án, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé: yìnyín máa ń bá òjò ìlú náà rọ̀, ó sì lè ya gbogbo ewé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Rọ́bà tó kún fún erùpẹ̀ tútù lè wọn tó 30 kílò, nítorí náà kí ẹni méjì gbé e.

Bó bá hù, ẹ já èyí tó fún pọ̀ kúrò kí ó ku bíi mẹ́jọ. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín. Ewé tó rọ lọ́sàn-án tó sì nàró nírọ̀lẹ́, ooru ló mú un. Èyí tó ṣì rọ láàárọ̀ tí erùpẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n tí erùpẹ̀ sì tutù rinrin, omi ti pọ̀ jù, ẹ yẹ ihò ìdí rọ́bà wò.

Lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ fi igi tó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀. Yóò yọ ẹ̀ka tuntun, ẹ ó sì tún gé e lẹ́ẹ̀mejì kí òtútù tó dé. Rọ́bà kan kò lè bọ́ ilé. Mẹ́rin tí ẹ gbìn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra wọn ni yóò jẹ́ kí ọbẹ̀ ewédú máa wà déédéé.